Àpò Gàrí Kan ní Dassa

Ànvẹlọ́pù mẹ́ta ni mo lẹ̀ mọ́ inú ìdérí àpótí mi nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ ní Dassa. Mo kọ ILÉ sára ọ̀kan, mo kọ OÚNJẸ sára èkejì, mo kọ Ọ̀NÀ sára ẹ̀kẹta. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Ó ní owó tí kò bá lórúkọ, ọ̀nà ọ̀fun ló ń gbà lọ. Mo di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí mo jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí ìṣirò bára mu ní gbogbo ìgbà. Bí ọgọ́rùn-ún faran bá ṣìnà láti inú ànvẹlọ́pù kan bọ́ sínú òmíràn, ara mi kì í balẹ̀ títí màá fi dá a padà.

Ọmọbìnrin Kétou ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ wa ló ní kí kálukú lọ ṣe oṣù mẹ́ta níbi iṣẹ́ kan, èyí tí Faransé ń pè ní sitáàjì. Biró ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní Dassa ló gbà mí. Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ abúlé Tré àti Lèma àti ìwọ̀n oko wọn sínú ìwé kàyé ńlá kan. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n faran ni wọ́n ń fún mi lóṣù. Kì í ṣe owó iṣẹ́ o. Wọ́n tẹnu mọ́ ọn fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ìrànwọ́ ni. Ìparí oṣù sì ni ìrànwọ́ náà ń dé, nígbà tí ebi bá ti pa ẹni tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́ dáadáa.

Bàbá mi ló wá ọgbọ́n oṣù kìíní. Ó fún mi ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún nígbà tí mo ń lọ: ẹgbẹ̀rún márùn-ún owó ọkọ̀, ìyókù kí n fi gbé oṣù kẹfà. Láti ìgbà náà, owó oṣù tó bá parí ni màá fi jẹ èyí tó ń bọ̀. Yàrá mi jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, a sì ń san án kí oṣù tó wọlé. Oúnjẹ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá: kókó òwúrọ̀ pẹ̀lú àkàrà, ọgọ́rùn-ún; àtàsì ọ̀sán, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, igba; bí mo bá jẹ ìyẹn tán, iye tó kù fún alẹ́ kò ju omi àti sùúrù lọ. Ọ̀nà gba ẹgbẹ̀rún méje. Àwọn ọlọ́kadà tí a ń pè ní sémíjàn ń gba àádọ́jọ láti ẹsẹ̀ òkè tí mo ń gbé títí dé biró, àádọ́jọ mìíràn fún àbọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún nínú oṣù, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àti ẹgbẹ̀ta. Irinwó ló máa ń ṣẹ́kù. Irinwó yẹn ni ọlá mi, mo sì ń gbéra ga nítorí rẹ̀.

Onílé mi jẹ́ opó kan, ọmọ Dassa pọ́ńbélé, tó ní oko iṣu lẹ́yìn òkè. Yàrá mẹ́ta ló wà nínú àgbàlá rẹ̀, mo wà nínú èyí tó kéré jù, níbi tí àpáta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé bá mi láti ojú fèrèsé. Èdè Ìdáàṣà tó ń sọ àti tiwa jọ ọmọ ìyá méjì tí wọn kò dàgbà nílé kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo máa ń ní kó tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì. Òun náà máa ń fi Kétou mi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń kà á nínú ìwé. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ gbogbo, ó sì máa ń jí mi kírun kó tó lọ, kí Ọlọ́run tèmi má bàa bínú sí ilé òun.

Ní àárín oṣù keje ni Bàbá pè mí. Bàbá kò ní tẹlifóònù. Lọ́wọ́ aládùúgbò wa, obìnrin kan tó ń ránṣọ, ló ti ń yá a. Bàbá máa ń dìde dúró kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ọ̀gá kan ló wà nínú ẹ̀rọ náà.

"Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà. Ara mi ló kàn ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ tèmi mọ́ lọ́jọ́ mélòó kan yìí. Kì í ṣe nǹkan ńlá. O ò ṣe wá wojú mi, bó ṣe ọjọ́ méjì?"

Mo ṣí àpótí mi nígbà tó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló wà nínú Ọ̀NÀ, oṣù sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Dassa sí Bohicon, Bohicon sí Kétou, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ká má tíì sọ ti àbọ̀. Bí mo bá fọwọ́ kan OÚNJẸ, ebi. Ní ILÉ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, onílé ti gbà á. Mo ṣe ìṣirò náà bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́, mo sì fún bàbá mi lésì.

"Bàbá, kò sí owó ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n parí sitáàjì yìí. Oṣù kan àtààbọ̀ ló kù."

Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn rẹ̀. "Ó dáa," ló wí, "owó ọkọ̀ ni kò sí." Ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ mi, ó sì dá tẹlifóònù padà fún ẹni tó ni ín.

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn pé mo ṣe bí àgbà. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò sunkún, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù keje parí, ìrànwọ́ kò dé. Ọ̀gá wa tó yẹ kó fọwọ́ sí ìwé owó ti lọ ìpàdé ní Cotonou, láti ibẹ̀ ó tún lọ sí ibòmíràn. Akọ̀wé owó kò lè ṣe nǹkan kan láìsí ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, sitajiyé," ló ń sọ fún mi, nítorí kò sẹ́ni tó ń pe ẹni tó ń ṣe sitáàjì lórúkọ. Èmi àti ìṣirò mi wá ń wo ara wa. Ẹgbẹ̀rún kan àti igba ló kù nínú OÚNJẸ, ẹgbẹ̀ta nínú Ọ̀NÀ. ILÉ ṣófo.

Ká ní oṣù mìíràn ni, onílé ì bá fún mi láyè. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ni àwọn arìnrìn-àjò ń wá síbi ihò àpáta Màríà ní Dassa, láti Cotonou, láti Togo, láti ibi gbogbo. Ilé ìgbàlejò máa ń kún, wọ́n á máa wá yàrá kiri àgbàlá. Màmá onílé pè mí jókòó sórí àpótí níwájú ilé ìdáná rẹ̀.

"Ọmọ mi, n kò fẹ́ lé ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sun yàrá yẹn fún alẹ́ mẹ́ta péré yóò fún mi ní iye tí o ń san lóṣù. Òrùlé mi ń jò. Bó bá di ọjọ́ Sátidé tí owó kò sí, jọ̀ọ́, lọ máa sùn lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ títí àjọ̀dún yóò fi kọjá."

N kò ní ẹlẹgbẹ́ kankan ní Dassa. Ó sọ̀rọ̀ náà tán, ó gbé iṣu sísè fún mi nínú abọ́. Nígbà tí mo ní n kò lè jẹ ẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ owó lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ́tọ̀, kí n má da méjèèjì pọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni awakọ̀ kan tó ń kó ẹ̀wà láti Kétou dúró lẹ́nu ọ̀nà biró wa, ó sọ àpò kan kalẹ̀. Bàbá mi ló fi ránṣẹ́, ó ti san owó ẹrù. Àpò gàrí ni, kò kún dé ẹnu, wọ́n fi okùn rán an. Àwọn ará biró rẹ́rìn-ín títí. Ta ló ń gbé gàrí wá sí Dassa, níbi tí gàrí ti ń jáde lọ bọ́ gbogbo ayé? Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nínú lọ́hùn-ún inú ń bí mi sí bàbá mi. Mo sọ fún un pé owó kò sí, ó wá fi gàrí ránṣẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo gbé àpò náà sórí sémíjàn, mo lọ sí ọjà. Ìyá onígàrí kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí, àwọn òbí rẹ̀ ti wá láti Ṣakí tipẹ́. Ó tú okùn ẹnu àpò, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi ọwọ́ ra á, ó sọ díẹ̀ sẹ́nu.

"Gàrí yìí gbẹ dáadáa. Ta ló yan án?"

"Bàbá mi ló fi ránṣẹ́ láti Kétou."

Ó wò mí. "O sì fẹ́ tà á?"

"Owó ilé ni, Ìyá. Biró kò tíì san owó sitáàjì mi."

Kò béèrè mọ́. Ó ní òun kò ní wọ̀n ọ́n, ojú òun mọ àpò. Ó gbé e díẹ̀ láti ilẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó dá ẹgbẹ̀rún méje àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé e. Mo fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tó kù nínú Ọ̀NÀ kún un, nítorí mo ti fi ọgọ́rùn-ún gbé àpò náà dé ọjà. Ní àárọ̀ Sátidé, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ pé sọ́wọ́ onílé mi, ó sì súre fún mi ní èdè Ìdáàṣà gígùn tí n kò gbọ́ tán.

Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá pè. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ṣé gàrí dé ọ lọ́wọ́?"

"Ó dé, Bàbá. Ẹ ṣé gan-an."

"Ṣé o ti ń mu ún?"

Kí ni n bá sọ? Pé mo ti tà á? "Mò ń mu ún, Bàbá. Ó dùn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dáa. Mò ń retí rẹ nígbà náà."

Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá." Ìparí sitáàjì ni mo ń sọ. Ó ṣàmín.

Láti ọjọ́ Ajé, mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí biró. Ọ̀nà ọjà ló yá jù. Ní ọjọ́ kejì tí mo gba ibẹ̀ kọjá, mo gbọ́ tí Ìyá onígàrí ń pè láti iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: "Sitajiyé! Ọmọ Kétou! Wá ná!" Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé gàrí náà kò pé tó bí ojú rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n, tàbí pé ó bá èérí nísàlẹ̀, ó sì fẹ́ gba nínú owó rẹ̀ padà. N kò ní faran kan tí mo lè dá padà. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yí òkè po. Ọ̀nà tó gba ìdajì wákàtí di wákàtí kan. Mo máa ń gba ẹ̀yìn àpáta, láàárín àwọn tó ń kan àtíbàbà fún àwọn arìnrìn-àjò, tí ẹsẹ̀ mi kún fún erùpẹ̀ pupa. Ìyá onígàrí ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Màmá onílé ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún mi nígbà tó bá ń gún iyán: "Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláṣí ní kó o yọjú sí òun. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà." Mo béèrè bóyá ó sọ ohun tó jẹ́. Ó ní kò sọ. Mo ní màá lọ lọ́la. N kò lọ.

Ó ṣe, ní ọjọ́ Jímọ̀ kejì, tí àpò gàrí ti pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyá onígàrí fúnra rẹ̀ wá. Ó ti kírun tán, aṣọ funfun ló wọ̀, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Mo wà níta, mò ń fọ aṣọ. Kò sí ibi tí mo lè sá gbà.

"Ìwọ ọmọ yìí," ló wí, "ṣé gbèsè lo jẹ mí tí o fi ń sá fún mi?"

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé biró kò tíì sanwó, pé bó bá lè mú sùúrù fún mi. Kò gbọ́ mi jáde. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú nǹkan kan jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Àárín gàrí ni mo ti bá a nígbà tí mo dà á. N kò lè fi owó onówó rán ẹnikẹ́ni sí ọ, n kò sì lè dárúkọ owó nínú iṣẹ́ tí mò ń rán sí ọ. Mo ní kó o wá, o kọ̀."

Àkísà aṣọ ni, wọ́n dì í ní kókó mẹ́ta. Mo mọ aṣọ náà. Ìró ìyá mi ni, aláró olójú ẹja. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Pobè, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe ń fi owó ránṣẹ́ sí mi, á dì í sínú aṣọ, á rì í sí àárín gàrí kí ọwọ́ awakọ̀ má bàa dé ibẹ̀. A kì í sọ ọ́ lẹ́nu. Á kàn béèrè pé, "Ṣé o ti ń mu gàrí?" Bí mo bá ní mò ń mu ún, ó ti mọ̀ pé mo rí owó. Láti ìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́. N kò mọ̀ pé Bàbá ń wò ó ní gbogbo ọdún yẹn. Lórí tẹlifóònù àyálò, níwájú àwọn oníbàárà aránṣọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe béèrè lọ́wọ́ mi.

Mo tú u. Ìdì kéékèèké méjì ló wà nínú rẹ̀. Mo tú ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni, owó ọkọ̀ dé Kétou gan-an. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ omi ọṣẹ, mo ké. Ìyá onígàrí di orí mi mú mọ́ ìbàdí rẹ̀. Màmá onílé jáde, ó ń bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni aránṣọ pè mí láti Kétou. Ó ní, "Bàbá ní kí o máa bọ̀."

Mo ní, "Mò ń bọ̀ lọ́la. Ẹ bá mi gbé tẹlifóònù fún wọn."

"Wọ́n ń sùn," ló wí.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Àwa náà la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn tó wà lọ́nà jíjìn, kó má bàa ṣubú sójú títì. Mo yàn láti gbà pé ó ń sùn. Mo sùn pẹ̀lú ìdì náà lábẹ́ orí mi, mo sì wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀. Láti Bohicon dé Kétou, ohun tí màá sọ fún un ni mò ń tò. Màá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé mo ta gàrí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni yóò fi rín.

Ẹní ni mo kọ́kọ́ rí níwájú ilé wa, àti àwọn ọkùnrin tí wọ́n jókòó lé e. Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá ti kú, wọ́n sì ti sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìlànà wa. Èmi nìkan ni ọmọ tó yè nínú àwọn tí wọ́n bí, wọ́n sì ti fi àyè mi sílẹ̀ lórí ẹní láàárín àwọn obìnrin.

Nígbà tí ojú mi là díẹ̀, mo wo igun tí pọ́ńpù tí Bàbá fi ń fín oògùn sóko máa ń wà. Kò sí níbẹ̀. Aránṣọ ló sọ fún mi pé ó tà á ní òpin oṣù keje. Ó ní àwọn ènìyàn bá a wí, pé báwo ni àgbẹ̀ ṣe ń ta pọ́ńpù lójú òjò, ó ní owó ọkọ̀ ọmọ òun ni.

Mo bi aránṣọ ohun tí mo ń bẹ̀rù láti bi í. Mo ní, kí ni Bàbá rò pé mo fi owó náà ṣe?

Ó ń ká aṣọ kan lọ́wọ́. "Kò ro nǹkan kan," ló wí. "Gbogbo ẹni tó bá bi í léèrè rẹ ló ń dá lóhùn. Ó ní, 'Ó ti rí owó ọkọ̀. Biró ni kò tíì fún un láyè. Iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.' Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan ó ń ní ká gbé àga òun síta, síbi tí òun ti lè rí ibi tí ọkọ̀ ti ń já èrò."

Mo lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nílé. Biró ránṣẹ́ pé ọ̀gá ti dé, pé ìrànwọ́ mi ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí i. N kò ní faran kan lọ́wọ́ tí mo lè fi lọ. Àwọn ẹbí ń wo ara wọn ta ló máa yọ owó. Ìgbà náà ni mo rántí ìdì kejì nínú aṣọ ìyá mi, èyí tí n kò tíì tú. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún mìíràn ló wà níbẹ̀: Bàbá ti ṣírò àbọ̀ mi mọ́ ọn. Òun ni mo san fún awakọ̀ tó gbé mi padà sí Dassa.